Mo Ṣì Fẹ́ Ọ: Bí Ọkọ Mi Ṣe Jẹ́jẹ̀ẹ́ Lẹ́yìn Tí Àìsàn Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Rẹ̀

Inú ilé mi ni ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ mi kí n tó kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́, bó sì ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún mi wà lára ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ọkọ mi ń ṣe ní Ṣómólú, kò jìnnà sí Ladi-Lak níbi tí à ń gbé. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó fún àwọn èèyàn: orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó, orin, ẹ̀jẹ́. Ó ti tẹ ẹ̀jẹ́ náà títí ó fi há a sórí. Ní ọdún 2022, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún. Ó ń wò mí, kò sì lè dárúkọ mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́, kì í sì í lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò padà. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ wà. Apá òsì yẹn kan náà ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ sísọ fi máa ń le fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí rọpárọsẹ̀ bá mú lápá ọ̀tún. Kì í ṣe pé irú wọn ya odi, kì í sì í ṣe pé làákàyè wọn ti lọ. Ọkọ mi ń gbọ́ ohun tí a bá sọ. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà jáde ló dí. Bó bá fẹ́ omi, ó lè sọ pé "àga". Yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ṣì í sọ, inú yóò sì bí i.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti sọ fún àwọn ìdílé púpọ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tèmi, n kò ní in. Bó bá ti lanu báyìí, n ó ti bá a parí ọ̀rọ̀. Bí àlejò bá kí i, èmi ni n ó dáhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2023, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ti ń gbìyànjú láti sọ nǹkan kan fún mi. Ó rẹ̀ mí, mo ní, "Ẹ dákẹ́ jàre, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ!" Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi la ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹ mọ̀ pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tí ọdún 2024 dé tí ìgbéyàwó wa ń pé ogún ọdún, àwọn ọmọ ní kí á lọ sọ ẹ̀jẹ́ wa dọ̀tun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé pásítọ̀ yóò máa ka gbólóhùn gígùn, yóò ní kí ọkọ mi máa wí tẹ̀lé òun, yóò sì dójú tì í lójú gbogbo ayé.

Pásítọ̀ wa ló kọ́kọ́ tú mi sílẹ̀. Ó ní ìgbéyàwó wa kò tú, nítorí náà kò sí ohun tí òun fẹ́ tún so. Ìwé ẹ̀rí ti tẹ́lẹ̀ ṣì dúró lábẹ́ òfin, a kò nílò òmíràn. Ó ní ẹ̀jẹ́ tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń lò, tó ti inú ìwé àdúrà Áńgílíkà ti ọdún 1549 wá, ọ̀la ló ń sọ. Ó ń dárúkọ àìsàn àti ìlera fún àwọn tí kò tíì rí èyíkéyìí nínú méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń sọ ẹ̀jẹ́ dọ̀tun ti rí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jẹ́rìí pé òun ti ṣe ìlérí yẹn rí, òun kò sì tíì kó o jẹ. Ó ní gbólóhùn kan ṣoṣo tó láti fi sọ ọ́.

Mo wá gbólóhùn yẹn títí, àṣé inú èdè wa ló wà. Bí Yorùbá bá ní "mo fẹ́ ọ", ó lè jẹ́ pé mo gbé ọ níyàwó, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ ló wù mí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí a bá wá fi "ṣì" sí àárín, ogún ọdún ti wọ inú rẹ̀: Mo ṣì fẹ́ ọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju ìró kan lọ. Mo rò pé ọkọ mi yóò lè sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òun náà fẹ́ sọ ọ́. Ẹ fetí sí èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìṣe. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣòro fún lè sọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tó jẹ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́" ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ káàdì méjì fún wa ní lẹ́tà ńlá, ọ̀kan ní MO FẸ́ BẸ́Ẹ̀, èkejì ní N KÒ FẸ́. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí á lọ?" Ó nawọ́ sí ti àkọ́kọ́. Mo pààrọ̀ ipò káàdì, mo yí ìbéèrè padà: "Ṣé kí á fi í sílẹ̀ ni?" Ó nawọ́ sí èkejì. Lọ́jọ́ kejì mo tún bi í, ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbà pé kí n kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Mo kọ ọ̀rọ̀ tèmi náà, mo sì kà á fún un díẹ̀díẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Èmi ni ẹnu yín." Mo rò pé ó dùn. Ó gba bírò, ó fi ọwọ́ òsì fa ìlà sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó, mo sunkún. Ọjọ́ yẹn ni mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ọdún 2023, nínú yàrá wa, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò yẹ kí á gbé irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé iwájú èrò, nítorí ẹni tí a ń bẹ̀ kò ní lè kọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ọsibítù ló fi hàn wá bí a ó ṣe fi gbólóhùn náà dánra wò. Ṣé ẹ rí i, ọkọ mi tí kò lè bèèrè omi lè kọ orin ìjọsìn tó ti mọ̀ láti kékeré. Apá ọ̀tún ọpọlọ náà ń lọ́wọ́ sí orin kíkọ, orin sì lè gbé ọ̀rọ̀ jáde. Ní Bọ́sítọ̀nù ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1973, ni àwọn oníṣègùn ti kọ̀wé nípa ìlànà yìí. Èdè tiwa sì ti ní ohùn nínú tẹ́lẹ̀: "Mo ṣì fẹ́ ọ", re dò mí re.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Mo jókòó kọjú sí i, mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, mo ń fi í lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan fún ìró kọ̀ọ̀kan. A kọ́kọ́ kùn ún pọ̀ láìsí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà a fi ọ̀rọ̀ sí i, àwa méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ìyẹn rọrùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ níbi "fẹ́", òun yóò sì parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi yóò sọ ọ́, òun yóò sọ ọ́ tẹ̀lé mi. Níkẹyìn, mo bi í pé, "Kí ni ẹ fẹ́ sọ fún mi?" kí ó dáhùn fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nírọ̀lẹ́. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, a ó dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló gbà wá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní oṣù kọkànlá, a dúró níwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ kò ní kí ó wí tẹ̀lé òun, ó kàn ní, "Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ sọ fún ìyàwó yín?" Ọkọ mi ní, "Mo ṣì..." Ó dúró. Ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà létè mi, mo gé ètè mi jẹ. Mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ń lu orí ọ̀pá rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Mo ṣì fẹ́ ọ."

Èmi náà wá sọ tèmi:

"Mo fẹ́ yín ní ọdún 2004. Mo ti rí yín nígbà tí ara yín le, mo sì ti rí yín nígbà tí ara kọ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, kódà nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. N kò ní í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín mọ́. Bí mo bá gbàgbé, ẹ gbé ọwọ́ òsì yín sókè, n ó dákẹ́. Mo ṣì fẹ́ yín."

Ẹ wò ó, ìlérí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì jẹ́ èyí tí ẹni tí a ṣe é fún lè fojú rí bóyá mo pa á mọ́. N kò sọ̀rọ̀ gbèsè, n kò sọ̀rọ̀ ìlédìí, n kò dárúkọ ẹbí tí kò yọjú. Àṣírí aláìsàn ni ìwọ̀nyẹn.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ìlànà orin yìí ń bá mu. Bí aláìsàn kò bá gbọ́ ohun tí a ń sọ yé, tó sì jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ lórí káàdì ń yí padà lójoojúmọ́, ẹ má tíì gbé e lọ síwájú èrò. Ẹ jẹ́ kí dókítà àti ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Bó bá gbọ́ yé ṣùgbọ́n tí ohùn kò jáde rárá, kí ó fi káàdì jẹ́jẹ̀ẹ́, tàbí kí ó fi ọwọ́ tó dá di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ẹ̀jẹ́ náà ni.

Ní alẹ́ àná, mo tún já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọkọ mi lórí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, mo dákẹ́. Ó gbà á ní bí ìṣẹ́jú méjì, ó wá ní, "Iyọ̀." Òótọ́ ni, iyọ̀ ti pọ̀ jù fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.