Nígbà tí Nǹkan Oṣù bá Pẹ́ Dé

Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti jókòó níwájú wa láti béèrè ìdí tí ọmọ ọdún 15 tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò fi tíì rí nǹkan oṣù, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti ń rí i. Àwọn mìíràn ti ń fura sí ará ilé ọkọ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ẹlòmíràn a máa lò tó 120 ọjọ́. Tirẹ̀, tí ó máa ń tẹ̀ bí dòjé, kì í sábà ju 20 lọ. Mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ kò sinmi nínú iṣẹ́ àtidípò wọn, oúnjẹ tí ìbá sì sọ ọ́ di ọmọge a bá iṣẹ́ yẹn lọ. Nítorí náà ni ìbàlágà rẹ̀ fi lè pẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ọdún kan tàbí méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń bọ̀ ṣá. Ṣùgbọ́n bí ọyàn kò bá yọ ní ọdún 13, tàbí tí nǹkan oṣù kò dé ní 15, kí oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ohun mìíràn lè wà níbẹ̀.

Ọmọ ìjọ wa kan rí tirẹ̀ ní ọdún 16. Láti ìgbà náà ni ìrora ti ń dé lóṣooṣù, ìyá rẹ̀ sì kà gbogbo rẹ̀ sí inú rírun lásán. Nọ́ọ̀sì kan ní kí ó máa kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ń dùn ún sínú ìwé kékeré. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó hàn pé ìrora méjì ni. Ti abẹ́ inú a bá ẹ̀jẹ̀ dé, a sì lọ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ti ojúgun àti ẹ̀yìn a ti ṣáájú ẹ̀jẹ̀ dé ní ọjọ́ méjì, a sì pẹ́. Èkejì yìí ni ìrora àrùn náà fúnra rẹ̀.

Ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Oògùn bí ibuprófẹ́ẹ̀nì dára fún inú rírun, ṣùgbọ́n ó lè ba kídìnrín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́, nítorí náà kí dókítà fọwọ́ sí i kí a tó lò ó. Fún ti eegun, omi mímu púpọ̀, ìmóoru àti oògùn ìrora tí a tètè lò ni. Bí ibà, àyà dídùn tàbí mímí gúlegúle bá bá a rìn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Dókítà rẹ̀ dábàá abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí àwọn obìnrin fi ń fètò sọ́mọ bíbí. A mọ̀ pé gbólóhùn yẹn a máa ta àwọn kan lára nínú ìjọ, ṣùgbọ́n oògùn ìrora ni ó jẹ́ níhìn-ín. Ní 1982, àwọn oníṣègùn ní Jàmáíkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn obìnrin tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ náà kò ní ìrora tó bí wọ́n ti ń ní i tẹ́lẹ̀. Oògùn oníhóró tí ó ní ẹsitirójìn ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìyá bẹ̀rù àgàn; dókítà sọ fún un pé oyún lè pẹ́ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá dá a dúró, ṣùgbọ́n kì í sọ ènìyàn di àgàn. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ a máa kán díẹ̀díẹ̀ láìsí ètò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sá fún un.