Ìrẹsì Ìlọ́po Márùn-ún Kò Fẹ́ Omi Ìlọ́po Márùn-ún

Ìbéèrè kan rèé: bí ife ìrẹsì 2 bá ń fẹ́ ife omi 4, ife ìrẹsì 10 ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa á sáré sọ pé 20. Bí màmá mi tó máa ń se oúnjẹ ìkómọ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìrẹsì á di túwó, owó tí oníbàárà san á sì di gbèsè sí wa lọ́rùn.

Ọ̀nà méjì ni omi inú ìkòkò ń gbà lọ. Ìrẹsì á mu apá kan, ooru á sì gbé apá kan jáde lábẹ́ ọmọrí. Bí ìrẹsì bá ṣe pọ̀ tó ni omi tó máa mu ṣe máa pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ti ooru yàtọ̀. Bí ẹnu ìkòkò ṣe fẹ̀ tó, bí ọmọrí ṣe dé e tó, àti bó ṣe pẹ́ lórí iná tó, ìyẹn ló ń wò.

Mo wọ̀n ọ́n wò nílé. Ìkòkò kan náà ni, ife kan náà, ìrẹsì òyìnbó tí mi ò bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ife 2 jinná dáadáa pẹ̀lú omi ife 4. Nígbà tí mo wá se ife 4, omi ife 7 ló tó o, kì í ṣe 8. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: ìrẹsì ife 2 tí mo fi kún un mu omi ife 3, ìyẹn ni pé ife kan ń mu ife kan àbọ̀. Nínú omi 4 àkọ́kọ́, ìrẹsì mu 3, ooru gbé 1.

Ó yá, ife 10. Ìrẹsì á mu 15. Ìkòkò ńlá fẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń pẹ́ lórí iná, nítorí náà a fi 2 sílẹ̀ fún ooru. Ó di 17. Omi ife 3 tó yàtọ̀ sí 20 yẹn ló ń sọ ìrẹsì di túwó.

Ìrẹsì Ọ̀fadà kò gba ìṣirò yìí. Wọn kì í gbo awọ ara hóró rẹ̀ kúrò tán, omi kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Ó ń pẹ́ lórí iná, ooru sì ń gbé omi púpọ̀ sí i. Nínú ìkòkò wa, ife 2 rẹ̀ fẹ́ omi ife 5.

Bí ẹ bá sì bọ ìrẹsì, tí ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, ó ti mu omi díẹ̀ nìyẹn. Ẹ má bu iye tí mo kọ sókè yìí sí i mọ́. Ẹ bu omi tí kò ju orí ìrẹsì lọ, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Bí omi bá gbẹ, ẹ mú hóró kan, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì le, tó funfun, ẹ wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ dé e, kí ẹ dín iná kù. Bó bá ti rọ̀ tí omi ṣì wà nílẹ̀, ẹ tètè ṣẹ́ omi náà kúrò.