Ọjọ́bọ̀ Ni Ti Láàbù

Mo wá jẹ́rìí, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́: àkókò tí mo fi kọ́ iṣẹ́ láàbù Kẹ́mísírì nígbà tí mò ń múra fún WAEC, lára ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti jí i. Mi ò kábàámọ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ọwọ́ tíṣà ni kọ́kọ́rọ́ láàbù wà, Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìjáde nìkan ló sì ń ṣí i. Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ sórí tàìmtébù, kí n tó wá àyè fún ìyókù.

Àwa mélòó kan la ń pín búréètì kan. Bó bá kan èèyàn, kì í ṣe ìgbà yẹn ló yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fa ìlà. Nítorí náà, alẹ́ Ọjọ́rú ni mo ń ya tébù mi sílẹ̀. Ní láàbù, ọwọ́ àti ojú ni mò ń kọ́. A ó fi ásíìdì HCl ṣan búréètì, a ó fi Na₂CO₃ ṣan pípéètì, ṣùgbọ́n omi lásán la fi ń ṣan fúláàsìkì. Ẹni tó bá fi Na₂CO₃ ṣàn án ti bù lé ohun tí pípéètì wọ̀n. Ásíìdì tí yóò lò á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo rí 24.60, lẹ́yìn náà 24.10 àti 24.20. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìdánwò ọwọ́ lásán, mo fi í sílẹ̀. Àwọn méjì yòókù sún mọ́ra, ìyàtọ̀ wọn ò ju 0.20 lọ. Àárín wọn jẹ́ 24.15 cm³.

Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo ṣe ìṣirò rẹ̀, torí nọ́ńbà tí ọwọ́ èèyàn fúnra rẹ̀ bá mú wá kì í súni bí ti inú ìwé. HCl náà jẹ́ 0.100 mol/dm³, pípéètì sì gba 25.00 cm³. Ásíìdì tó lọ jẹ́ 0.002415 mol. HCl méjì ló ń bá Na₂CO₃ kan lò, nítorí náà a ó pín in sí méjì, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po ogójì: 0.0483 mol/dm³. Ẹni tó bá gbàgbé láti pín in, 0.0966 ni yóò kọ.

Ti yíyẹ iyọ̀ wò kò nílò láàbù lójoojúmọ́, ẹnu ni mo fi ń kọ́ ọ ní ìdájí, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a tó lọ pọnmi. Àbúrò mi obìnrin ló ń di ìwé mú.

“Bọ̀dá, ẹ fi NaOH díẹ̀ sí i, ó mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun wá. Ẹ fi púpọ̀ sí i, ó yòrò.”

“Ó lè jẹ́ síńkì, alumíníọ̀mù tàbí lẹ́ẹ̀dì. Amóníà ńkọ́?”

“Tí ẹ bá fi púpọ̀ sí i, kò yòrò.”

“Alumíníọ̀mù tàbí lẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Ti síńkì ì bá yòrò.”

Kò tíì bẹ̀rẹ̀ Kẹ́mísírì nílé-ìwé rárá. Kí ìdánwò mi tó dé, kì í wo ìwé mọ́ kó tó bi mí.