Bọ́ọ̀lù Dúró Lórí 2, Ṣé Ọ́síjìn Dé Imú Ọmọ?

Lọ́dún 2016, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọ́síjìn ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ẹ̀rọ 57 tó ń fa ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́ ni wọ́n dán wò. Méjì péré ló yẹ ní lílò fún aláìsàn. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ti bàjẹ́ kó má dákẹ́. Yóò máa kùn, iná rẹ̀ yóò máa tàn, afẹ́fẹ́ yóò máa jáde lẹ́nu rọ́bà, ìyá ọmọ yóò sì máa dúpẹ́ pé wọ́n ti fi ọ́síjìn sí ọmọ òun nímú. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ náà fún ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ibi tí mo pẹ́ sí jù ni bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kì í ṣe wọn ni mo ń kọ ọ́ fún. Lóru, bí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá wà lọ́dọ̀ aboyún tó ń rọbí, òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ló ń jókòó ti ọmọ tí kò lè mí dáadáa. Òun náà ló ń fọ fóòmù ẹ̀rọ, òun ló ń bu omi sínú ìgò tí ọ́síjìn ń gbà kọjá, òun ló sì ń sáré sídìí rẹ̀ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Lára bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ, àmì méjì ló wà, I àti O. I ni títàn, O ni pípa. Ẹni tí wọn ò sọ fún lè rò pé O ni ti ọ́síjìn. Ìlà kìíní nínú ìwé Yorùbá náà nìyẹn.

Ẹnjiníà tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe fẹ́ kí n yọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kúrò, ó ní àṣẹ lásán ti tó. Mi ò gbà. Ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí kò ju nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Náítírójìn ló kó ìdá 78. Ẹ̀rọ yìí ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ń tì í gba inú àgbá méjì tí wọ́n rọ kóró wẹ́wẹ́ kún, tí wọ́n ń pè ní siolaiti. Bí asẹ́ ṣe ń dá eèrí ògì dúró, bẹ́ẹ̀ ni kóró yìí ń di náítírójìn mú tí ọ́síjìn fi ń kọjá. Bí àgbá kan bá ń ṣiṣẹ́, èkejì á máa tú náítírójìn tó ti dì mú dànù. Bí gbogbo rẹ̀ bá péye, ohun tó ń jáde á tó ìdá 93.

Ẹni tó bá mọ èyí kò ní sún ẹ̀rọ mọ́ ògiri tàbí kọ́ aṣọ sára rẹ̀, torí ó mọ̀ pé inú yàrá náà ló ti ń rí ohun tó ń mú wá. Yóò sì mọ ìdí tí fóòmù fi ṣe pàtàkì. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó kọ ìyẹn kò mọ eruku tírélà lójú ọ̀nà Ìdíròkó, kò sì mọ èéfín iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin. Èmi àti ẹnjiníà fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n máa wò ó lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń yí, pàápàá lákòókò ọyẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí wọ́n tó dá a padà, torí ọ̀rinrin tó bá dé inú àgbá á gba ipò tó yẹ kí náítírójìn dì mọ́.

Màmá kan lára àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ló béèrè ìbéèrè tó mú kí n tún ojú ìwé tó kẹ́yìn kọ. Ó ní, “Bọ̀dá, tí omi inú ìgò bá ti ń ta pó-pó, ṣé ọ́síjìn ti dé nìyẹn?”

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí ẹ̀rọ ìka tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kà á sí 84. Nọ́ọ̀sì ti ṣí ọ́síjìn sí lítà 2, bọ́ọ̀lù kékeré tó ń fi iye lítà hàn lára ẹ̀rọ wà lórí ìlà 2 ní àárín gbùngbùn rẹ̀, síbẹ̀ 84 náà ló ṣì wà. Kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ wo ìgò omi. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lórí 2 tí omi kò ta pó-pó, ìdérí ìgò ni kò wọlé dáadáa, afẹ́fẹ́ ń sá lọ lẹ́nu rẹ̀. Kó tú u, kó tún un dé. Bí bọ́ọ̀lù bá jábọ́ sísàlẹ̀ tí ìgò sì ń súfèé, rọ́bà ló ká tàbí tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá dára, kó yọ ẹnu rọ́bà kúrò nímú ọmọ, kó tì í bọ inú ife omi tó mọ́. Bí kò bá ta pó-pó níbẹ̀, ó ń jò láàárín ìgò àti imú. Kó nu ẹnu rọ́bà gbẹ kó tó dá a padà.

Bí ó bá wá ta pó-pó nínú ife ńkọ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè màmá yẹn nìyí: afẹ́fẹ́ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ife omi kò lè sọ bóyá ọ́síjìn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kóró tó ti bàjẹ́ á jẹ́ kí náítírójìn bá a kọjá, bọ́ọ̀lù á sì léfòó bákan náà. Iná ìkìlọ̀ ara ẹ̀rọ ló lè sọ ìyẹn, ẹ̀rọ míì kò sì ní in rárá, áláàmù rẹ̀ kò ju ti iná tó lọ. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé: bí afẹ́fẹ́ bá ń dé imú ọmọ tí iye ẹ̀rọ ìka kò gòkè, ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ gbé ọmọ lọ sórí sílíńdà ọ́síjìn. Ẹ má ṣí bọ́ọ̀lù sókè fúnra yín. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ti lítà 5, bí wọ́n bá fi ipá ṣí i kọjá 5, kóró kò ní ráyè di náítírójìn mú, ohun tó ń jáde á wá máa dín lọ́síjìn. Iye tí ọmọ máa gbà, nọ́ọ̀sì ló ń pinnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́síjìn lè ba ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé jẹ́.

Níbi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí wọ́n pe iléeṣẹ́ tó gbé ẹ̀rọ wá, ilé aláìsàn ní Amẹ́ríkà ló ní lọ́kàn. Mo fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà ẹnjiníà, mo sì kọ ètò iná lílọ sí i: ọmọ á kọ́kọ́ bọ́ sórí sílíńdà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa ẹ̀rọ. Bí iná bá dé, kí wọ́n jẹ́ kó dúró dáadáa, kí wọ́n tan ẹ̀rọ gba inú sítábíláísà, kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá kí ọmọ tó padà sórí rẹ̀.

Ohun tó kù ni irinṣẹ́ tó ń wọn bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó. Ẹnjiníà ló ní in, òun ló sì ń gbé e wá. Mo ya àtẹ kékeré kan sí ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ: ọjọ́ tó wọ̀n ọ́n, iye tó rí. Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ ọ́ gàdàgbà pé bí iye bá ti wálẹ̀ ju 82 lọ, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà tiẹ̀ máa kùn.