Uṣu

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kó láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìkòròdú, ó pe iṣu ní "uṣu" ní kíláàsì, bí a ṣe ń pè é nílé. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti pa ẹnu mọ́. N kò sọ fún un pé yóò mọ́ ọn lára. Ìyá rẹ̀ ti sọ ìyẹn tó. Alaalẹ́ ni mo ń fi fóònù màmá mi gba ohùn sílẹ̀ fún un, ní èdè Ìkẹ́rẹ́ pọ́nńbélé: iye tí wọ́n ń ta uṣu ní Ọjà Ọba, kùrukùru tó bo orí Olósùnta láàárọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹkún ló fi ń fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń bú mi. Lánàá, ó ní òun ti kọ́ ọmọ kíláàsì òun kan pé "ulé" ni ilé. Ọmọ náà wá ń pe ọbẹ̀ ní "ubẹ̀".