Mẹ́rìnlá Tí Ó Di Méjìlélọ́gọ́ta

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin wọlé tọ̀ mí wá. Ó pọn ìkókó rẹ̀ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ó sì mú ìwé kan lọ́wọ́. Wàrà ọmú rẹ̀ kò tó ọmọ náà, nítorí náà ó ń fi mílíìkì inú agolo kún un. Omi kànga ilé wọn ni ó sì fi ń pò ó. Kànga náà kò jìnnà sí ṣáláńgá aládùúgbò wọn. Èyí ni ó mú kí ọkọ rẹ̀ gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó,” ni ó wí. “Wọ́n ní náítíréètì inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju 50 mg/L lọ. Tiwa jẹ́ 14, ṣùgbọ́n ppm ni wọ́n kọ tẹ̀ lé e. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?”

Ẹ̀yin ìyá, ìbéèrè gidi ni. Ohun tí ppm ń sọ ni ìpín kan nínú mílíọ̀nù kan, tí a bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n. Kílógíráàmù kan jẹ́ 1,000 gíráàmù, gíráàmù kan sì jẹ́ 1,000 mílígíráàmù. Mílíọ̀nù kan mílígíráàmù ni ó wà nínú kílógíráàmù kan, nítorí náà 1 ppm jẹ́ mílígíráàmù kan nínú kílógíráàmù omi kan. Mg/L ní tirẹ̀ jẹ́ iye mílígíráàmù tí ó wà nínú lítà omi kan. Ohun tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé lítà kan omi kànga wọn nǹkan bí kílógíráàmù kan. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n ní ilé ìdáná, ẹ wọn ike tí ó ṣófo, kí ẹ bu omi lítà kan sí i, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Ẹ ó rí i fúnra yín. Omi òkun kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé iyọ̀ mú kí lítà rẹ̀ kan wọn nǹkan bí 1.025 kílógíráàmù. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ppm omi òkun di mg/L gbọ́dọ̀ fi 1.025 sọ ọ́ di púpọ̀.

“14 ppm, 14 mg/L náà ni,” ni mo dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ tú ká. Mo ti fẹ́ dá ìwé náà padà fún un kí n tó rí lẹ́tà kékeré kan níwájú orúkọ ohun tí wọ́n wọ̀n. Wọn kò kọ NO₃. NO₃-N ni wọ́n kọ.

Àyà mi já. Náítírójìn inú náítíréètì nìkan ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe náítíréètì lódindi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọn ẹ̀pà tí a ti bó, tí ó sì fi wé ìwọ̀n ẹ̀pà eléèpo. Náítírójìn kan wọn 14. Ọ́síjìn mẹ́ta tí ó so mọ́ ọn wọn 16 ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ 48. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 62. Nítorí náà, 14 mg/L náítírójìn jẹ́ 62 mg/L náítíréètì. Omi náà ti kọjá òpin 50.

“Ṣùgbọ́n mo máa ń sè é kí n tó fi pò ó,” ni àbúrò mi wí.

Sísè ń pa kòkòrò àìsàn, ṣùgbọ́n náítíréètì kì í bá ooru lọ. Bí lítà mẹ́rin omi náà bá hó títí ó fi ku mẹ́ta, gbogbo 248 mílígíráàmù tí ó wà nínú mẹ́rin ni yóò kù sínú mẹ́ta. Lítà kọ̀ọ̀kan yóò wá ní nǹkan bí 83. Nínú ara ìkókó, náítíréètì lè di náítíráìtì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé ọ́síjìn káàkiri dáadáa. Bí ètè tàbí èékánná ọmọ bá ń ní àwọ̀ aró, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

A tú aṣọ ọmọ, a wo ètè àti èékánná rẹ̀. Wọ́n pọ́n dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti fi omi kànga náà pò mílíìkì mọ́. Wọ́n gbé omi ẹ̀rọ kan ládùúgbò lọ fún àyẹ̀wò: 2 ppm NO₃-N ni ó jẹ́, èyí tí kò tó 9 mg/L náítíréètì. Òun ni wọ́n ń sè fún ọmọ náà báyìí.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ ka orúkọ ohun tí wọ́n wọ̀n kí ẹ tó ka iye rẹ̀. Bí NO₃ bá ni, 50 ni òpin. Bí ó bá jẹ́ NO₃-N, ẹ fi 4.43 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó fi wé 50. Tàbí kí ẹ rántí pé nǹkan bí 11 ni òpin tirẹ̀. Ní ti omi kànga, ppm àti mg/L kò ní ìjà. Lẹ́tà N kékeré yẹn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí jẹ, èmi tí mo ń kọ́ni.