Ilé Wa, Ògiri Wa, àti Wáì-fáì Tí Kò Dé Òkè

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi obìnrin ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ kan lórí ayélujára, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ lókè, ó sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí àwòrán fi dì. Ó gbé kọ̀ǹpútà sáré sọ̀ kalẹ̀ wá sí pálọ̀, níbi tí ráútà wà, ó sì parí ọ̀rọ̀ náà níbi tí màmá wa ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọn kò pè é padà.

Ìbàdàn ni ilé náà wà. Búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì mẹ́sàn-án ni bàbá wa fi kọ́ ọ, dẹ́kìn tó kún fún irin ló sì ya òkè sọ́tọ̀ kúrò nísàlẹ̀. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ a máa gba agbára lọ́wọ́ Wáì-fáì, dẹ́kìn sì tún burú jù ú lọ. Mo fi fóònù wọn ìyára rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, mo rí mẹ́gábíìtì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní yàrá àbúrò mi, mo rí 2. Ìyẹn fi hàn mí pé inú ilé ni ìṣòro wà. Ká ní 2 náà ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà ni, kò sí ohun èlò tí mo lè rà tí yóò tún un ṣe.

Ẹ̀sítẹ́ńdà ni mo kọ́kọ́ rà, nítorí pé kò wọ́n. Mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú yàrá àbúrò mi gan-an. Àmì Wáì-fáì orí fóònù kún bámúbámú, síbẹ̀ àwòrán ń dì. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ẹ̀sítẹ́ńdà dà bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lókèèrè tó sì ń tún un sọ fún ẹni tó wà nítòsí rẹ̀: bí òun fúnra rẹ̀ kò bá gbọ́ dáadáa, kí ni yóò rí sọ? Àmì tó kún náà ń sọ bí fóònù ṣe súnmọ́ ẹ̀sítẹ́ńdà ni, kò sọ ohun tí ẹ̀sítẹ́ńdà ń rí gbà. Mo gbé e wá sí orí àtẹ̀gùn, ní agbedeméjì, níbi tó ti lè gbọ́ ráútà dáadáa. Ìyára yàrá di 12. Kò lè tó 40, nítorí pé irú èyí tí kò wọ́n máa ń fi ọ̀nà kan ṣoṣo gbọ́, òun náà ló sì fi ń sọ̀rọ̀, ó sì ń pàdánù tó ìdajì níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lo páwálaìnì, èyí tó ń gba inú wáyà iná ilé kọjá. Onílé rẹ̀ kò gbà kó lu ògiri, méjì tó kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Mo yá méjì wò, wọn kò rí ara wọn rárá. Oníṣẹ́ iná wa ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi: orí íńfátà ni sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wà, orí iná ìjọba lásán ni ti òkè wà, lórí féèsì mìíràn pẹ̀lú. Wáyà méjèèjì kò pàdé bó ṣe yẹ. Bí iná bá sì lọ, ti òkè yóò kú. Ẹni tí wáyà ilé rẹ̀ bá wà lórí féèsì kan, tí iná rẹ̀ kì í sì í lọ, ni ó yẹ. Kí onítọ̀hún kì í bọ ògiri tààrà, torí àwọn àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ a máa pa ìró rẹ̀.

Mẹ́ẹ̀ṣì ni a parí sí. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, èkejì wà lórí àtẹ̀gùn. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́, fóònù sì ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì fúnra rẹ̀ bí a ti ń rìn. Owó rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo fà gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn láti so méjèèjì pọ̀ ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, nítorí pé dẹ́kìn kò lè dí wáyà lọ́wọ́. Ìyára yàrá di 31. A gbé gbogbo wọn sórí íńfátà.

Bí yàrá méjì tàbí mẹ́ta ni o háyà, tí igun kan péré ni kò gbọ́, ẹ̀sítẹ́ńdà ní agbedeméjì tó. Bí ilé rẹ bá ní òkè àti dẹ́kìn, tí ènìyàn púpọ̀ ń lò ó, kówó jọ fún mẹ́ẹ̀ṣì, kí o sì fa wáyà bí ó bá ṣeé ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi tún ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lókè. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 50, kò sọ̀ kalẹ̀. A ṣì ń retí èsì wọn.